Kọ̀ǹpútà Yá Ju Kọ̀ǹpútà Lọ, Ìfò Ga Ju Ìfò Lọ

Lẹ́yìn tí géèmù Quake III Arena jáde ní 1999, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi í díje máa ń tẹ `com_maxfps 125` sínú rẹ̀. Àṣẹ yìí ní kí kọ̀ǹpútà má ya ju àwòrán 125 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kì í ṣe torí kí géèmù lè dùn ún wò ni wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń ya 125 máa ń fò ga ju ẹni tí tirẹ̀ ń ya 90 lọ, bẹ́ẹ̀ bọ́tìnì kan náà ni àwọn méjèèjì ń tẹ̀.

Kí ló kan àwòrán yíyà pẹ̀lú ìfò? Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, kọ̀ǹpútà á ṣírò ibi tí ohun gbogbo wà, á ya á sójú, á tún padà sídìí ìṣírò. Bí ó bá ya àwòrán 60, a jẹ́ pé ó ṣírò nígbà 60. Ẹni tó kọ géèmù ló yẹ kó sọ fún un pé àkókò báyìí ló kọjá láàárín àwòrán kan sí ìkejì. Ibi tó bá ti gbàgbé ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọdé inú géèmù kan tó ń gbéra nílẹ̀ pẹ̀lú píksẹ́ẹ̀lì 10 fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, tí òòfà ilẹ̀ sì ń gba ìdajì píksẹ́ẹ̀lì nínú eré rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí àwòrán bá yí. Lẹ́yìn àwòrán 20, eré tán, ọmọ ti dé píksẹ́ẹ̀lì 95. Gbogbo kọ̀ǹpútà ló máa bá 95 yìí, yálà ó yá tàbí ó lọ́ra, nítorí kò sí ẹni tó ka àkókò rárá. Ìyàtọ̀ tó wà ni pé kọ̀ǹpútà tó ń ya 120 á parí ìgòkè náà ní ìdajì àkókò tí èyí tó ń ya 60 fi ṣe é.

Àtúnṣe ààbọ̀ ló ń ba gíga jẹ́. Ẹni tó kọ géèmù rí i pé ìfò náà ti yá jù, ó sáré fi àkókò kún ọ̀nà òòfà, ó sì gbàgbé ìlà kejì:

```
iyara = iyara - 30 * dt
giga = giga + iyara
```

`dt` ni àkókò tí àwòrán kan gbà. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń ya 60, ọmọ náà ṣì ń dé 95. Lórí èyí tó ń ya 30, ibi 45 ló ti ń já bọ́. Lórí èyí tó ń ya 120, ó di 195! Ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá ni gbogbo wọn fi ń gòkè, ìyẹn ni àṣìṣe náà fi máa ń ṣòroó fura sí.

Kí wọ́n wá fi `dt` sí ìlà méjèèjì ńkọ́? Ó sàn gan-an, àmọ́ kò tán. Bí eré bá jẹ́ 600 tí òòfà sì jẹ́ 1800, gíga tòótọ́ ni 100, ṣùgbọ́n 90 ni kọ̀ǹpútà tó ń ya 30 ń bá, ẹni 60 ń bá 95, ẹni 120 sì ń bá 97.5. Ìgbésẹ̀ ńlá ló ń jẹ́ kí ìṣírò ṣìnà jù. Bí pèpéle kan bá wà ní 93, ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́ra kò ní gùn ún láé.

Quake III ka àkókò o. Ohun tó ṣe é ni pé ó máa ń sọ eré di odidi nọ́ńbà lẹ́yìn ìṣírò kọ̀ọ̀kan. Òòfà rẹ̀ jẹ́ 800. Láàárín 8 nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá, 6.4 ló yẹ kó gbà, ó wá di 6. Ẹni tó ń ya 90 ń lo 11 nínú 1000, 8.8 tirẹ̀ sì di 9. Òòfà fẹ́ẹ́rẹ́ fún ẹnì kan, ó wúwo fún ẹnì kejì. Nígbà tó yá, àwọn tó ṣe géèmù náà fi `pmove_fixed` sí i, kí ìgbésẹ̀ ìṣírò gbogbo ènìyàn lè jẹ́ ọgbọọgba.

Ọ̀nà yìí náà ni Unity àti Godot ń lò fún ìṣírò ìrìn: ìgbésẹ̀ ìṣírò dúró sójú kan, àwòrán ìbáà pọ̀ ìbáà kéré. Bí àwòrán kan bá pẹ́, kọ̀ǹpútà á gbé ìgbésẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta léra kó tó ya òmíràn. Bí ó bá lọ́ra débi pé kò lè lé wọn bá, a máa ń fi òpin sí iye ìgbésẹ̀ tó lè gbé lẹ́ẹ̀kan. Eré á falẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n ọmọ náà á ṣì dé 95 rẹ̀.