Dẹ́bíìtì Nóòtù: Ọjà Ti Padà, Gbèsè Ńkọ́?

Lọ́dún tí mo ṣe àíítì ní ilé ìtajà ohun èlò ìkọ́lé kan n'Íbàdàn, ọ̀gá wa ti mú bírò láti fọwọ́ sí ₦967,500 fún olùpèsè ọ̀dà. Iye tó wà nínú sítétímẹ́ǹtì tí wọ́n fi ránṣẹ́ nìyẹn. Àmọ́ garawa 6 lára ọ̀dà yẹn ti padà sọ́dọ̀ wọn láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, torí ìdérí wọn ti là, ọ̀dà inú wọn sì ti ń gan. Ojú mi ni wọ́n ṣe kó wọn sínú ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ ká tú ìṣirò náà wò. Garawa 40 la rà. ₦25,000 ni wọ́n ń ta ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọ́n fún wa ní ẹ̀dínwó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di ₦22,500. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦900,000. Fáàtì ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lé e ní ₦67,500. Bí gbèsè ṣe di ₦967,500 nìyẹn.

Bí ọjà bá padà, oníbàárà ló máa ń kọ dẹ́bíìtì nóòtù sí olùpèsè. Orúkọ rẹ̀ máa ń da ọ̀pọ̀ wa láàmú nínú kíláàsì, bẹ́ẹ̀ kò le: nínú ìwé tiwa, apá ọ̀tún ni gbèsè olùpèsè máa ń wà, apá òsì, ìyẹn apá dẹ́bíìtì, la sì fi ń dín in kù. Ìwé náà ń sọ fún olùpèsè pé, "A ti dẹ́bíìtì àkáǹtì yín." Nọ́ńbà ínfọ́ìsì àkọ́kọ́, iye ọjà, owó ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ìdí tó fi padà gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, kí awakọ̀ tó kó o lọ sì fọwọ́ sí ẹ̀dà kan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni owó tí wọ́n ń kọ sí i. Akọ̀wé wa kọ́kọ́ fi ₦25,000 ṣírò, ó gbàgbé ẹ̀dínwó. Iye tí a rà á gan-an la ó fi dá a padà: garawa 6 ní ₦22,500 jẹ́ ₦135,000, fáàtì rẹ̀ ₦10,125, àpapọ̀ ₦145,125. Ti akọ̀wé jẹ́ ₦161,250. Ká ní ó lọ bẹ́ẹ̀ ni, ìyàtọ̀ ₦16,125 ì bá máa yọjú nínú ìwé wa lóṣooṣù, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ ibi tó ti wá.

Bí a ṣe kọ ọ́ rèé: a dẹ́bíìtì àkáǹtì olùpèsè ní ₦145,125, a kírẹ́díìtì àkáǹtì ọjà tí a dá padà ní ₦135,000, a sì kírẹ́díìtì àkáǹtì fáàtì ní ₦10,125. Ẹ má fojú fo fáàtì yẹn o. Bí ọjà ti padà, a ò lè máa gba owó orí rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba mọ́. Gbèsè wa wá ku ₦822,375.

Kí ló dé tí sítétímẹ́ǹtì wọn fi ṣì ń sọ ₦967,500? Nítorí pé dẹ́bíìtì nóòtù jẹ́ ohun tí àwa sọ ni. Títí olùpèsè yóò fi yẹ ọjà náà wò, tí yóò sì kọ kírẹ́díìtì nóòtù tirẹ̀, kò ní yọ kọ́bọ̀ kan nínú ìwé tirẹ̀. Ẹni tó bá gbé lẹ́jà ti sítétímẹ́ǹtì yóò rí i pé ìyàtọ̀ àárín méjèèjì bá iye owó inú dẹ́bíìtì nóòtù kan mu rẹ́gí. Ohun tí mo fi han ọ̀gá nìyẹn, ó sì ju bírò sílẹ̀. Ká ní ó ti san án tán ni, àkáǹtì náà ì bá yí padà, olùpèsè ni ì bá jẹ wá. Nígbà náà, inú ohun ìní la ó kọ ọ́ sí, a ò ní fi pa mọ́ sáàárín gbèsè àwọn olùpèsè yòókù.

Kírẹ́díìtì nóòtù dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n garawa 4 péré ni wọ́n gbà, ₦96,750. Wọ́n ní 2 yòókù, ọ̀dọ̀ wa ló ti fọ́, wọ́n sì dá wọn padà. Ọmọ tó ń tọ́jú sítọ̀ jẹ́wọ́ pé òótọ́ ni, òun ló já wọn lulẹ̀. A yí ₦48,375 padà nínú ìwé wa, gbèsè gòkè sí ₦870,750, iye yẹn la sì san. Garawa 2 náà padà sínú sítọ̀, a sì kọ ₦45,000 wọn sí àdánù.