Bàtà Tó Gba Ẹsẹ̀ Dúró: Ohun Tí Ọwọ́ Lè Sọ fún Wa Ká Tó Sanwó

Ọ̀rọ̀ bàtà ni mo gbé wá lónìí, pàápàá bàtà àwọn tó ń nàró látàárọ̀ ṣúlẹ̀: àwọn ìyá wa lọ́jà àti àwọn nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù.

Ẹ bi ọ̀pọ̀ nínú wọn, ohun kan náà ni wọn yóò sọ. Bí wọ́n bá jí láàárọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, gìgísẹ̀ á ta wọ́n bí ìgbà téèyàn tẹ ìṣó. Bí wọ́n bá rìn díẹ̀, á rọlẹ̀. Tí iṣẹ́ bá ti pọ̀, tó di ìrọ̀lẹ́, á tún dé. Àwọn kan á ní làkúrègbé ni, àwọn kan á ní ọjọ́ ogbó ló ń bọ̀. Lóòótọ́, ohun tó ń fa ìrora gìgísẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, àmọ́ irú èyí tó ń le jù ní ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ sábà máa ń wá láti ara iṣan kan báyìí.

Iṣan náà nípọn, abẹ́ ẹsẹ̀ ló wà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ara egungun gìgísẹ̀, ó na dé ibi tí àwọn ọmọ ìka ti bẹ̀rẹ̀, bí ọsán ṣe so orí ọrun mọ́ ìdí rẹ̀. Òun ló ń bá wa di kòtò àárín àtẹ́lẹsẹ̀ mú kó má tẹ́ pẹrẹsẹ. Gbogbo ìgbà tá a bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ ló ń nà. Tá a bá sùn, á sún kì, ìdí nìyẹn tí ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ fi ń fà á lójijì. Wàyí o, ẹni tó wọ sílípáàsì pẹrẹsẹ tó rọ̀ jọ̀gọ̀jọ̀gọ̀ láti aago 7 àárọ̀ sí aago 7 alẹ́, iṣan yẹn nìkan ló ń dá iṣẹ́ náà ṣe. Yàtọ̀ síyẹn, ọmọ ìka rẹ̀ á máa há mọ́ sílípáàsì náà ní gbogbo ìṣísẹ̀ kó má bàa bọ́ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ò ní ṣàìrẹ̀ ẹ́.

Bàtà tó dáa ń gba lára iṣẹ́ yìí ṣe. Báwo la ṣe máa mọ̀ ọ́n? Kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára, kì í sì í ṣe iye tí wọ́n pè é. Ọwọ́ méjèèjì ti tó, yálà nínú ṣọ́ọ̀bù ni o tàbí nídìí òkìríkà.

Ẹ kọ́kọ́ di ẹ̀yìn bàtà mú níbi tó máa ń gba gìgísẹ̀, kí ẹ fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Tó bá wó wọlé bíi páálí tí òjò pa, kò lè di gìgísẹ̀ mú, ẹ gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ di orí àti ìdí rẹ̀ mú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ bíi pé ẹ fẹ́ ṣẹ́ ẹ po. Ibi tí ọmọ ìka ti bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kó ti tẹ̀, torí ibẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ tá a bá ń rìn. Bàtà tó bá ká ní àárín gbùngbùn ń ká síbi tí iṣan wa ti nílò ìrànlọ́wọ́ jù. Paríparí ẹ̀, ẹ lọ́ ọ bí ìgbà téèyàn ń fún aṣọ. Kó lọ́ díẹ̀, kò burú, àmọ́ tó bá lọ́ tán bí aṣọ, a jẹ́ pé kò ní egungun nínú.

Ìwọ̀n ló kàn, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ dúró lórí páálí, má jókòó o, torí ẹsẹ̀ máa ń gùn sí i tí ara bá wà lórí rẹ̀. Ẹ fi bírò fà á yípo, ẹsẹ̀ méjèèjì, nítorí ó wọ́pọ̀ kí ọ̀kan tóbi ju èkejì.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ọ̀sì kan ṣe àpẹẹrẹ. Láti ìgbà tó ti wà nílé ẹ̀kọ́ ló ti ń wọ nọ́mbà 38. Ó wọn ẹsẹ̀, òsì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 24.5, ọ̀tún jẹ́ 24.1. Èyí tó gùn jù là ń tẹ̀ lé. Ó fi sẹ̀ǹtímítà 1 kún un kí ọmọ ìka lè ráyè, ó wá gé páálí tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn ní 25.5, ó mú un lọ sọ́jà. Nínú 38 tó gbé, páálí náà ká kò, kò lè tẹ́. Nínú 39, ó tẹ́ dáadáa. Ṣé ó parí síbẹ̀? Rárá. Ó yọ ìtẹ́lẹ̀ inú bàtà náà, ó gbé e lé orí àwòrán ẹsẹ̀ rẹ̀, ìka kékeré sì yọ síta. Gígùn rẹ̀ dé, fífẹ̀ rẹ̀ kò dé. Òmíràn tóun náà jẹ́ 39, àmọ́ tí orí rẹ̀ fẹ̀, ló bo àwòrán náà tán. Ìyẹn ló gbé lọ sílé.

Ẹni tó ń ra òkìríkà gbọ́dọ̀ fi méjì kún un. Ẹ gbé bàtà náà sórí tábìlì, kí ẹ wò ó láti ẹ̀yìn. Tó bá ti wọ́ sápá kan, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ló ti tẹ̀ ẹ́, yóò sì máa ti tiyín síbẹ̀. Ẹ tún fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù abẹ́ rẹ̀. Àwọn fóòmù kan wà tó jẹ́ pé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń jẹ wọ́n bí ọdún ṣe ń lọ, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ wọ̀ wọ́n. Bàtà á máa dán lókè, abẹ́ rẹ̀ á sì rún bíi búrẹ́dì gbígbẹ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ìyá ọlọ́jà tí ooru ń mú lè wọ sálúbàtà, kò sóhun tó burú ńbẹ̀, tó bá ṣáà ti ní okùn lẹ́yìn tó di gìgísẹ̀ mú, tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ sì le díẹ̀. Ti nọ́ọ̀sì yàtọ̀. Bàtà rẹ̀ gbọ́dọ̀ bo orí ẹsẹ̀ pátá, torí abẹ́rẹ́ lè já bọ́, ẹ̀jẹ̀ sì lè ta sílẹ̀. Èyí tó ní ihò lórí àti èyí tó jẹ́ aṣọ alájọ̀jọ̀ kò yẹ wọ́ọ̀dù, bó ti wù kó tu ẹsẹ̀ lára tó. Abẹ́ rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ di ilẹ̀ tó tutù mú kó má yọ̀.

Bàtà kò lè ṣe gbogbo rẹ̀ o. Ẹni tó bá dúró sójú kan, ẹ̀jẹ̀ á máa rọ́ sísàlẹ̀ ẹsẹ̀, torí ìrìn ló ń mú kí iṣan ẹ̀yìn ojúgun tì í padà sókè. Ẹ gbé àpótí kékeré kan sábẹ́ àtẹ, kí ẹ máa gbé ẹsẹ̀ kan lé e, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì máa rìn díẹ̀díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú lójijì, tí àtẹ́lẹsẹ̀ bá kú tí kò mọ nǹkan lára, tàbí tí ìrora bá kọ̀ tí kò lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò tiẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró títí dìgbà yẹn: kó máa fi ọwọ́ yẹ inú bàtà wò kó tó wọ̀ ọ́, kó sì máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò lálaalẹ́. Òkúta wẹ́wẹ́ kan lè dá egbò sí i lẹ́sẹ̀ kó má sì mọ̀.