Oṣù Mẹ́ta Àkọ́kọ́ Alábòójútó Tuntun

Ètò 30, 60 àti 90 ọjọ́ jẹ́ ìwé pélébé kan tí máníjà àti alábòójútó tuntun jọ máa ń kọ ní ọ̀sẹ̀ tí onítọ̀hún bá gba ipò. Ọgbọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́ wà fún mímọ iṣẹ́ àti àwọn tó ń ṣe é, èkejì fún títún ohun kan ṣe, ẹ̀kẹta fún dídá iṣẹ́ náà darí. Ilé iṣẹ́ píọ́wọ́tà jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára, nítorí pé ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ṣeé kà lẹ́yọ lẹ́yọ.

Ká ní obìnrin kan ti fi ọdún mẹ́rin darí ẹ̀rọ tó ń rọ omi sínú ọ̀rá, kí wọ́n tó fi í ṣe alábòójútó ṣíìfù àárọ̀. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì ni wọ́n jọ ń jẹun lánàá. Ní ọjọ́ kìíní, máníjà fúnra rẹ̀ ló yẹ kó sọ lójú gbogbo wọn pé alábòójútó lè dá ẹ̀rọ dúró, ó sì lè pín iṣẹ́, àmọ́ kò lè gba ènìyàn síṣẹ́, kò sì lè lé ènìyàn. Bí máníjà kò bá sọ ọ́, àwọn òṣìṣẹ́ á máa fò ó lórí lọ bá ọ̀gá àgbà, ipò náà á sì di orúkọ lásán.

Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ yìí, kò gbọ́dọ̀ yí ohunkóhun padà, àfi ohun tó bá lè ṣe ènìyàn léṣe tàbí tó lè ba omi jẹ́. Òfin yìí ló máa ń le jù fún ẹni tó mọ iṣẹ́ dénú. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó bá yí nǹkan padà kó tó ka iye tó wà tẹ́lẹ̀ kò ní mọ̀ bóyá ó sàn tàbí ó burú sí i. Nítorí náà, ó ń pe àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n léèrè ohun tó ń fa iṣẹ́ wọn sẹ́yìn, kò sì jiyàn. Ó tún gbé ike kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ó ń ka èyí tó bá jò ní wákàtí wákàtí.

Ṣíìfù náà ń ṣe 600 àpò lójúmọ́. Ogún ẹyọ ló ń wọ àpò kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 12,000. Nínú èyí, 360 ló ń jò, ìyẹn mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwé wákàtí wá fi hàn pé èyí tó pọ̀ jù ń jò lẹ́yìn tí iná bá lọ tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀. Ẹnu ọ̀rá náà sọ ìyókù. Bí irin tó ń lẹ ọ̀rá kò bá gbóná tó, ojú ibi tó lẹ̀ á ṣí bọ̀rọ̀ láìya. Bí ó bá gbóná jù, náílọ́ọ̀nù á yọ́, á tín-ín-rín, á sì ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ibi tó lẹ̀. Ṣíṣí bọ̀rọ̀ ni tiwọn: iná jẹnẹrétọ̀ kò lágbára tó, kò sì sẹ́ni tó ń tún ooru irin náà ṣe.

Láti ọjọ́ 31, ohun kan ṣoṣo ló gbé lé ọwọ́. Bí wọ́n bá ti tan jẹnẹrétọ̀, ẹni tó ń darí ẹ̀rọ á mú ẹyọ márùn-ún àkọ́kọ́, á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ wọ́n, á tún ooru ṣe títí wọn ò fi ní jò mọ́, á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdúró yìí dín iṣẹ́ kù sí 585 àpò ní ọ̀sẹ̀ kìíní, alábòójútó sì ti sọ fún máníjà tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Nígbà tó fi di ọjọ́ 60, àpò ti padà sí 600, èyí tó ń jò kò sì ju 150 lọ. Kò sí ohun tó ń ba ètò yìí jẹ́ tó kí wọ́n kọ “kí iṣẹ́ túbọ̀ dára” sí ibi tó yẹ kí iye wà.

Àkókò yìí kan náà ló bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ń pẹ́ dé sọ̀rọ̀. Kì í ṣe lójú àwọn yòókù: ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta tó pẹ́ dé hàn án nínú ìwé. Kíkọ̀ láti sọ ọ́ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀, nítorí pé àwọn mẹ́jọ yòókù ń wo ohun tí yóò ṣe.

Oṣù kẹta ni ti ìdánwò. Alábòójútó fi ìwé àyẹ̀wò lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó sì gba ìsinmi ọjọ́ méjì. Bí jíjò bá fò padà sókè, ojú rẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rù, ọ̀nà iṣẹ́ náà kò tíì yí padà. Bí iye náà bá dúró, máníjà lè fi ọwọ́ sí i ní ọjọ́ 90.

Síbẹ̀, 90 ọjọ́ kì í fi gbogbo ọdún hàn. Ẹni tó gba ipò nínú òjò oṣù keje kò tíì rí oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn ń mú, tí ọkọ̀ ń tò lẹ́nu ọ̀nà, tí àwọn oníbàárà sì fẹ́ ìlọ́po méjì. Ìdí nìyẹn tí máníjà tó mọṣẹ́ fi ń kọ déètì ìjókòó kẹrin kan sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé.