Orúkọ Tí Èrò Pápá Lè Fi Kọrin

Orúkọ tó wà lórí ìwé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àgbà ìlú Ìbàdàn ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọ́n jẹ́ WNDC rí. IICC ni wọ́n ń jẹ́ nígbà tí wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1976, lónìí 3SC ni. Àmọ́ ohun tó dúró lẹ́nu èrò ni "Ọ́ọ̀pù Ṣúútìn!" Sítáàsì tó yẹ kó tẹ̀lé Ṣúútìn, wọ́n fi í sílẹ̀ sínú ìwé. Orúkọ náà kò sì dárúkọ ìlú, nítorí náà ni wọ́n ṣe lọ mú Baṣọ̀run ayé ọjọ́un wá, tí wọ́n sọ àwọn ọmọ náà di Jagunjagun Olúyọ̀lé.

Ohun tí èrò máa ṣe sí orúkọ nìyẹn: wọn á gé e, wọn á sì wá oríkì kún un. Ẹni tó bá fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ládùúgbò rẹ̀ lè ti rò ó tẹ́lẹ̀ ibi tí wọn yóò ti gé e.

Ká ní Ṣómólú l'Ékòó ni àwọn ọ̀dọ́ kan ti fẹ́ sọ ẹgbẹ́ wọn lórúkọ. Èyí tó máa kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn ni Ṣómólú Yunáítẹ̀dì. Ẹ jẹ́ kí èèyàn kan dúró ní ìdí àwọ̀n kan, kó pe orúkọ náà sí ẹni tó wà ní ìdí àwọ̀n kejì. Ṣómólú á dún ketekete, torí pé ohùn òkè ni gbogbo rẹ̀, ẹnu sì lè fa "lú" tó gbẹ̀yìn títí èémí á fi tán. Yunáítẹ̀dì ní tirẹ̀ ń rọlẹ̀ bó ṣe ń lọ, ìparí rẹ̀ kì í dé òdìkejì pápá. Ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ ẹ sì pọ̀ jù. Ẹ mú un kúrò.

Ó kù ká wá ohun tí a ó fi ṣíwájú Ṣómólú. Èmi fara mọ́ ẹranko, nítorí pé àwọn oníjàlá ti kì wọ́n sílẹ̀ fún wa láti ọjọ́ pípẹ́. Erin, ẹfọ̀n àti ẹkùn ni ká gbé yẹ̀ wò.

Erin tóbi, orúkọ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọ̀tá náà yóò kọrin. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fìdí rẹmi, "Erin wó!" ni èrò òdìkejì á máa pariwo, ọ̀rọ̀ tí a sì fi ń túfọ̀ èèyàn ńlá ni. N kò ní fẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún máa gbọ́ ìyẹn bó ṣe ń jáde ní pápá.

Ẹfọ̀n àti ẹkùn ló wá kù, ibẹ̀ sì ni onílù ti ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ohùn kan náà ni àwọn méjèèjì ní: àárín, lẹ́yìn náà ìsàlẹ̀. Bí gángan bá sọ "Ẹkùn Ṣómólú", kò sí etí tó lè mọ̀ pé kì í ṣe "Ẹfọ̀n Ṣómólú" ló sọ. Bí ẹgbẹ́ kan ládùúgbò kejì bá ti ń jẹ́ Ẹfọ̀n, ẹ máa bínú síra yín nídìí ìlù. Ọgbọ́n tí onílù máa ń dá sí irú èyí ni pé kó fa ọ̀rọ̀ náà gùn. "Ẹkùn Ṣómólú, a-rìn-jẹ́jẹ́-ṣẹ́gun" ti ní ìró tó dá yàtọ̀. Nítorí náà, ẹ pe onílù kẹ́ ẹ tó tẹ orúkọ sára ẹ̀wù.

Ẹkùn ni mo máa mú, nítorí pé ó lọ́mọ púpọ̀ nínú. Ẹgbẹ́ àwọn kékeré á di Ọmọ Ẹkùn, ti àwọn obìnrin á di Abo Ẹkùn. Bí adilémú bá mọ bọ́ọ̀lù ń mú, Èékánná ni wọn á máa pè é. Àmọ́ ẹ má ṣe kọ èyíkéyìí nínú wọn sílẹ̀ fún èrò. Ìnagijẹ tí ìgbìmọ̀ bá fúnni kì í pẹ́ lẹ́nu ènìyàn. Ẹni tó jókòó lórí àga onígi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ló ń sọ ọ́, lọ́jọ́ tí ohun kan bá ṣẹlẹ̀.

Àwọn alátakò á sì sọ tiwọn. Wọn á pe Ẹkùn ní ológbò, ó dájú. Ìyẹn kò burú, torí pé èsì rẹ̀ wà nílẹ̀. Bí òdìkejì bá ti ké "Ológbò!", kí gbogbo Ṣómólú dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Eku dà?"