Ẹ̀kọ́ Kan, Ìpele Mẹ́sàn-án: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Nọ́ọ̀sì Tó Ń Kọ́ Àwọn Ìyá

Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń po lẹ́búlẹ́bú iyọ̀ òun ṣúgà fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ó wá béèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo ìyá dáhùn pé ó yé àwọn. Bí wọ́n bá délé, ẹlòmíràn á da odindi àpò kan sínú omi ọ̀rá kan ṣoṣo. Ìdajì lítà ló wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rá omi, bẹ́ẹ̀ lítà kan ni wọ́n ṣe àpò náà fún. Iyọ̀ á pọ̀ jù, ó sì lè pa ọmọ náà lára.

Robert Gagné, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ọmọ Amẹ́ríkà, ti ṣèwádìí fún àwọn ọmọ ogun òfurufú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Òun ló pín iṣẹ́ olùkọ́ nínú ẹ̀kọ́ kan sí ìpele mẹ́sàn-án. Àlàyé, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí odindi ẹ̀kọ́, ìpele kẹrin péré ni.

Kí nọ́ọ̀sì tó débẹ̀, ó yẹ kó kọ́kọ́ gba ọkàn àwọn ìyá: "Ọmọ ta ló ya ìgbẹ́ gbuuru lóṣù yìí?" Lẹ́yìn náà, kó sọ ibi tí ẹ̀kọ́ ń lọ: kálukú yóò po tirẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀. Ìkẹta ni kó fa ohun tí wọ́n ti mọ̀ jáde: "Omi ọ̀rá mélòó ló ń kún ike lítà kan?" Ìyá tó bá fẹnu ara rẹ̀ dáhùn pé méjì ni ti rí ibi tí àlàyé máa so mọ́.

Ìgbà náà ni yóò wá fi hàn wọ́n: ẹ fọwọ́, ẹ da ọ̀rá omi méjì sínú abọ́ mímọ́, ẹ da gbogbo àpò kan sí i, ẹ rò ó títí yóò fi yòrò. Ẹ má fi ṣúgà kún un. Ìkarùn-ún ni ohun tí yóò mú un rọrùn láti rántí, bí i "ọ̀rá méjì, àpò kan".

Ìpele kẹfà ni wọ́n sábà máa ń fò. Ìyá fúnra rẹ̀ ni yóò pò ó, nọ́ọ̀sì á sì panu mọ́. Bí ó bá fẹ́ da àpò sínú omi ọ̀rá kan, ìpele keje ti dé: "Ìyá Bọ́lá, ẹ dúró ná, omi yín mélòó nìyẹn?" Ojú ẹsẹ̀ ló yẹ kó gbọ́ ọ, nígbà tí àṣìṣe kò tíì kan ọmọ kankan.

Ìdánwò, ìkẹjọ, yàtọ̀ sí èyí: ìyá á pò ó lẹ́ẹ̀kan sí i láìsí ìrànlọ́wọ́. Ìkẹsàn-án ni kí ìmọ̀ náà bá a délé. Nọ́ọ̀sì lè gbé ike mìíràn fún un kó fi wọn lítà kan, tàbí, lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára tó kàn, kó ní kó kọ́ ìyá tuntun.

Gagné kò ní kí a ṣe gbogbo rẹ̀ nígbà gbogbo. Ìyá tó ti ń pò ó dáadáa lè bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kẹfà. Ṣùgbọ́n bí àkókò bá kéré, àlàyé ni kí nọ́ọ̀sì gé kúrú, kó fi ìṣẹ́jú tó bá ṣẹ́ kù sílẹ̀ fún ọwọ́ àwọn ìyá.