Ta Ni A Fún Ní Oògùn Yìí?

Bí àjọ NAFDAC bá kéde pé kí wọ́n kó báàṣì oògùn kan kúrò lọ́jà, ìbéèrè kan ló máa ń dojú kọ kíliníìkì: àwọn wo la ti fún nínú rẹ̀? Orí ìbéèrè yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kan gbé àbá iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ kà. Ó ní láti ṣàlàyé ìdí tí òun fi yan tábìlì, tí òun kò lo fáìlì.

Ọ̀nà fáìlì, irú èyí tí MongoDB ń lò, kò yàtọ̀ sí fáìlì orí pẹpẹ. Gbogbo ọ̀rọ̀ aláìsàn kan, láti orúkọ títí dé oògùn, wà lójú kan. Ó yá dókítà lọ́wọ́ láti kà. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kan kọ “Amoxicillin”, èkejì kọ “Amoxil”, ẹ̀kẹta kọ “amoxy”. Ẹni tó bá fi ọ̀kan wá a yóò fo àwọn yòókù, kò sì ní mọ̀ pé òun fo ẹnikẹ́ni.

Tábìlì, tí Edgar Codd ti IBM ṣàlàyé lọ́dún 1970, gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ó kọ báàṣì oògùn náà sílẹ̀, ká ní nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 9. Bí nọ́ọ̀sì bá fún aláìsàn 47 lára rẹ̀, nọ́ńbà 9 ló máa yàn, kò ní tẹ orúkọ oògùn. Lọ́jọ́ tí ìkéde bá dé, kọ̀ǹpútà á mú 9, á tọ̀ ọ́ dé ọ̀dọ̀ gbogbo ìbẹ̀wò tó gbé e, á sì kó nọ́ńbà fóònù àwọn aláìsàn náà jáde.

Ohun tó so wọ́n pọ̀ kò ju ìlà yìí lọ:

```
baasi_id integer NOT NULL REFERENCES baasi (id)
```

Bí ẹnikẹ́ni bá fi báàṣì tí kò sí sílẹ̀ ránṣẹ́, PostgreSQL á kọ̀ ọ́, á ní `violates foreign key constraint`. Ẹni tó lo fáìlì náà lè kọ irú òfin bẹ́ẹ̀ sínú ètò tirẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó bá ti gbàgbé ni àṣìṣe máa gbà wọlé. `NOT NULL` náà ṣe kókó: láìsí i, nọ́ọ̀sì lè fi àyè báàṣì sílẹ̀ lófìfo, kọ̀ǹpútà kò sì ní janpata.

Àbá náà kò fi ibi tí tábìlì ti kù díẹ̀ káàtó pamọ́. Èsì àyẹ̀wò ibà lè má ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ, àmọ́ ti ẹ̀jẹ̀ lè ní oríṣiríṣi iye. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ yìí fi òpó `jsonb` kan sílẹ̀ fún èsì àyẹ̀wò nìkan. Tábìlì kò sì lè mọ̀ bí nọ́ọ̀sì bá yan báàṣì 8 nígbà tó jẹ́ pé 9 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fún ìyẹn, ó dábàá pé kí nọ́ńbà ara páálí hàn gbàǹgbà lójú kọ̀ǹpútà, kí nọ́ọ̀sì fi wé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́ wọlé.