Iná Tó Mọ́lẹ̀ Ju Funfun Lọ

Ẹ wo ìgò ìpara dúdú tó ń dán nínú àwòrán ìpolówó. Ohun tí ojú kọ́kọ́ ń rí lára rẹ̀ kì í ṣe àwọ̀ dúdú náà, bí kò ṣe ìlà funfun gígùn tó fà wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìlà yẹn ló ń jẹ́ ká mọ̀ pé ìgò náà rí róbótó, pé ike dídán ni. Fèrèsé tàbí iná inú yàrá ló hàn lára rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ irú ìgò bẹ́ẹ̀ kò dé iwájú kámẹ́rà rí. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti yà á. Inú kọ̀ǹpútà sì ṣófo. Kò sí fèrèsé níbẹ̀, kò sí ògiri, kò sí ojú ọ̀run, bẹ́ẹ̀ ohun dídán kò lè dán bí kò bá sí ohun tí yóò hàn lára rẹ̀. Bí ayàwòrán bá gbé iná kékeré kan síbẹ̀, ojú funfun kan ṣoṣo ni yóò hàn lára ìgò, ìyókù á ṣú.

Lọ́dún 1998, Paul Debevec, tó ń ṣèwádìí ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Bákílì, gbé ọ̀nà kan jáde: kí a ya àwòrán àyíká gidi yípo, tòkè tilẹ̀, kí a fi yí ohun inú kọ̀ǹpútà ká, kí ìmọ́lẹ̀ sì máa ti ara àwòrán náà wá. Bọ́ọ̀lù tó ń dán bíi dígí ló yà ní fọ́tò, nítorí gbogbo àyíká ló ń hàn lára rẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ ń yí kámẹ́rà po lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á wá so àwọn fọ́tò náà pọ̀ di ẹyọ kan.

Ṣùgbọ́n fọ́tò lásán kò tó. Nínú fọ́tò fóònù, 255 ni nọ́ńbà tó ga jù tí ojú kan nínú àwòrán lè gbà. Ìyẹn ni funfun. Agolo tó ti kún ni: ohun tí ẹ bá tún dà sí i, ilẹ̀ ló ń lọ. Bébà funfun tó wà nínú oòrùn gba 255, oòrùn fúnra rẹ̀ náà gba 255, bẹ́ẹ̀ oòrùn mọ́lẹ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ya ibì kan náà lọ́pọ̀ ìgbà. Nínú èyí tó yára jù, iná nìkan ló hàn. Nínú èyí tó pẹ́ jù, igun tó ṣókùnkùn náà hàn. Kọ̀ǹpútà á ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú fáìlì `.hdr` tàbí `.exr`, níbi tí nọ́ńbà ti lè kọjá funfun lọ fíìfíì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ lórí ìgò wa. Bí a bá wo ike dídán lọ́ọ̀ọ́kán, ojú rẹ̀ ń dá bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ padà. Ká pe funfun ní 1. Ká ní iná ńlá inú àwòrán àyíká jẹ́ 50, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ 0.5. Lára ìgò, iná á di 2, yóò tàn yòò. Ògiri á di 0.02, yóò ṣú. Ìlà tó mú ṣáṣá nìyẹn. Bó bá jẹ́ fọ́tò lásán ni, orí 1 ni iná yóò dúró sí, 0.04 péré ni yóò sì di lára ìgò, bàìbàì. Bí ayàwòrán bá wá gbé `Strength` dé 50, iná á di 2 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ògiri á di 1, ara ìgò dúdú á sì funfun. Kò sí bí a ṣe lè tún un ṣe lẹ́yìn náà, torí nọ́ńbà tó sọnù ti sọnù.

Àwọn fáìlì kan ń jẹ́ `.hdr` lórúkọ lásán. Láti dá wọn mọ̀, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ àwòrán náà kù díẹ̀díẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Iná tòótọ́ á ṣì funfun nígbà tí yàrá bá ti ṣú. Iná èké á di eérú pẹ̀lú ògiri. Bó bá jẹ́ ìta gbangba lọ́sàn-án, ẹ wo òjìji: bó bá rọ̀ tí etí rẹ̀ kò mú, wọ́n ti gé oòrùn náà kúrú.

Nínú Blender, `Environment Texture` ni a ń so mọ́ `World`, a ó sì fi `Rotation` Z inú `Mapping` yí àyíká náà ká. Èmi gbà pé yíyí yìí ló yẹ kó ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó fi iná mìíràn kún un: ẹ máa yí i títí ìlà funfun yóò fi bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìgò, kó má ṣe gorí orúkọ ọjà.

Ohun kan wà tí àwòrán àyíká kò lè ṣe. Kọ̀ǹpútà ka gbogbo ohun inú rẹ̀ sí ohun tó jìnnà réré, kódà tábìlì tó wà nínú fọ́tò. Ìgò kò ní jókòó lé tábìlì yẹn, òjìji rẹ̀ kò sì ní bọ́ sórí rẹ̀. Yóò rí bí ohun tó léfòó. Ayàwòrán gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ ojú pẹrẹsẹ kan sábẹ́ rẹ̀, kó sì fún un ní àwọ̀ tó bá tábìlì inú fọ́tò mu, torí àwọ̀ yẹn náà yóò hàn ní ìdí ìgò.